Ṣé o ti "kóòsìtì" lóòótọ́? Àlàyé lórí ọ̀nà méjì tó wà láàárín iṣẹ́ olóṣù àti ìfẹ̀yìntì

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àbúrò mi obìnrin wá bá mi nílé ní Akóbọ̀, ó fi ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn pupa kan há abíyá. Akọ́ńtáǹtì ni ní iléeṣẹ́ aládàáni kan ní ìlú Ìbàdàn, ọmọ ogójì ọdún sì ni. Kò tíì mu omi tí mo gbé fún un tó fi bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní mo ti kóòsìtì. Ṣé kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé?"

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló fi fídíò kan hàn án lórí fóònù. Ẹni inú fídíò náà ní tí owó téèyàn ti tọ́jú bá ti tó iye kan, kò ní láti tọ́jú kọ́bọ̀ mọ́ títí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Ẹlòmíràn ní ọ́fíìsì kan náà ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ohun tó túmọ̀ sí ni kéèyàn lọ máa ṣe páàtì-táìmù, kó máa yọ díẹ̀díẹ̀ lára owó tó tọ́jú láti fi kún un. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, wọ́n sì ti bù ú pọ̀ bí ẹní bu gbẹ̀gìrì sórí ewédú. Gbẹ̀gìrì àti ewédú bára mu. Àwọn méjì yìí kò bára mu, ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ lè dé ọgọ́ta ọdún kó wá rí i pé owó òun ti tán lójú ọ̀nà. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Kí ni kóòsìtì gan-an?

Ẹni tó bá ti wọ Máíkírà láti Màpó sọ̀kalẹ̀ sí Ọjà'ba á ti rí i rí. Bí ọkọ̀ bá ti dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, awakọ̀ mìíràn á yọ jíà, á fi sí fírì, ọkọ̀ á sì máa yí lọ fúnra rẹ̀. Epo tó ti jó nígbà tó ń gun òkè ló ṣì ń gbé e lọ. Ohun tí òyìnbó ń pè ní kóòsìtì nìyẹn, òun náà ni wọ́n wá fi ń pe ọ̀nà ìtọ́jú owó yìí.

Ẹni tó ti kóòsìtì ni ẹni tí owó ọjọ́ alẹ́ tó ti tọ́jú ti tó débi pé èlé orí èlé nìkan lè sọ ọ́ di iye tó máa nílò lọ́jọ́ tó bá fẹ̀yìntì. Kò ní láti fi nǹkan kan kún un mọ́. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ yọ nǹkan kan lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tó ń jẹ lónìí, owó ilé-ìwé ọmọ, owó iná, owó ọkọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ṣì máa san gbogbo rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó yí padà. Ẹni tó ń gba 380,000 náírà lóṣù, tó ń ná 250,000, tó ń tọ́jú ìyókù, kò ní láti wá ìyókù yẹn mọ́. Iṣẹ́ tó ń san 250,000 ti tó o. Ìtura tó wà níbẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: o lè fi iṣẹ́ tó ń gba gbogbo ọjọ́ rẹ sílẹ̀ fún èyí tó fúyẹ́ jù ú lọ. Kóòsìtì kì í ṣe ìfẹ̀yìntì.

Páàtì-táìmù ńkọ́?

Ọ̀nà kejì yìí ni kí iṣẹ́ kékeré san apá kan ìnáwó rẹ, kí owó tí o tọ́jú san apá kejì. Orúkọ àwọn tó ń po kọfí ní ṣọ́ọ̀bù, bárísítà, ni wọ́n fi pè é ní Amẹ́ríkà, torí pé ètò ìlera ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn dúró sẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kọfí mìíràn sì máa ń fún òṣìṣẹ́ páàtì-táìmù ní ètò ìlera. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹni tó bá gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò sábà fi ọwọ́ ara rẹ̀ san owó ìlera, kó yáa tètè kà á mọ́ ìnáwó.

Èkíní ti gbin iṣu, ó sì ń dúró dè é kó gbó. Èkejì ti ń wa ebè náà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń wa ebè lè ní oko tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, kò burú. Ohun tó burú ni kéèyàn ka iṣu inú ebè bí ẹni tí kò fọwọ́ kàn án, kó sì máa wà á lálẹ́.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé òun ti dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́?

Èmi àti àbúrò mi ṣí ìwé ẹlẹ́yìn pupa yẹn, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú.

A kọ́kọ́ bi ara wa pé èló ni yóò máa ná lóṣù tó bá ti fẹ̀yìntì, tí a bá fi owó ọjà òní kà á. Ó ti kọ́ ilé kékeré kan, kò ní san owó ilé. Ó ní tí àwọn ọmọ bá ti jáde, 200,000 náírà lóṣù yóò tó òun jẹ, tó òun ra oògùn, tó òun wọ ọkọ̀. Mílíọ̀nù 2.4 lọ́dún nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, a sọ ọ́ di odindi owó. Ìlọ́po 25 ìnáwó ọdún kan ni wọ́n máa ń lò. Ó ní ibi tó ti wá: lọ́dún 1994, olùdámọ̀ràn owó ará Amẹ́ríkà kan, William Bengen, yẹ ìtàn owó ìpín iléeṣẹ́ àti ti bọ́ǹdù, ìyẹn owó téèyàn yá ìjọba, nílẹ̀ wọn wò, ó sì rí i pé ẹni tó bá yọ ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, tó ń fi kún iye náà lọ́dọọdún bí ọjà ṣe ń wọ́n, owó rẹ̀ yóò gbé e fún ọgbọ̀n ọdún ó kéré tán. Owó Amẹ́ríkà ló fi ṣe é, kì í ṣe náírà. Mo ní kí àbúrò mi lò ó torí pé ẹni ọgọ́ta ọdún tó fi ọgbọ̀n kún un ti di ẹni àádọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n kó má gbà á bí ẹni gba ìwé mímọ́. Mílíọ̀nù 2.4 lọ́nà 25 jẹ́ mílíọ̀nù 60.

Ó wá ku ọdún tó wà láàárín àti bí owó ṣe máa dàgbà tó. Ogún ọdún ló kù kó tó di ẹni ọgọ́ta. Mo ní ká fi ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún kà á, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ̀wọ́ngógó ọjà kúrò.

```
60,000,000 ÷ 1.03^20 ≈ 33,220,000
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tó bá ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 33.2 lónìí, tí kò sì fọwọ́ kàn án, owó náà yóò bá a dé ibi tó ń lọ. Èyí tó ní ni mílíọ̀nù 28: 16 wà ní àkáùntì pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀, 12 wà níta. Ó ku mílíọ̀nù 5.2. Kò tíì kóòsìtì. Ìdá 5 ni ẹni tó bá a ṣe ìṣirò níbi iṣẹ́ fi kà á, ìyẹn ló fi rí mílíọ̀nù 22.6 tó sì sọ fún un pé ó ti kọjá a tipẹ́. Ìdá 2 péré tó wà láàárín 3 àti 5 ti yí ìdáhùn padà láti "kò tíì tó" sí "ó ti ṣẹ́kù". Ibẹ̀ ni kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe èyí dúró sí dáadáa.

Báńkì ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ló dé tó jẹ́ ìdá 3?

Ìbéèrè tí òun náà bi mí nìyẹn. Ó mú fóònù, ó tẹ̀ ẹ́: mílíọ̀nù 28, èlé ìdá 18 lọ́dún, fún ogún ọdún. Mílíọ̀nù 767 ló jáde. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà ẹ wò ó."

Mo wò ó. Mo wá ní ká fi ọjà náà sí i. Tí ọjà bá ń fi ìdá 15 wọ́n sí i lọ́dọọdún láàárín ogún ọdún yẹn kan náà, kóńgò gàrí tó jẹ́ 1,000 lónìí yóò di nǹkan bí 16,400. Pín mílíọ̀nù 767 sí ìlọ́po 16.4 yẹn, ohun tó ṣẹ́kù lówó òní jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 47. Mílíọ̀nù 60 la ń wá. Owó tó dà bí ti olówó ìlú nínú fóònù kò tó o ra ohun tó fẹ́ rà.

Nítorí náà, èlé tó ń gbé èèyàn dé ibi kan ni èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ọjà bá ti mú tirẹ̀. Ìgbà mìíràn sì wà tí kò ní ṣẹ́kù rárá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọ̀wọ́ngógó tí NBS, àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀, kéde jẹ́ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó tó gba èlé 20 lákòókò yẹn pọ̀ sí i nínú ìwé, ó kéré sí i ní ọjà Bódìjà. Ẹni tí gbogbo owó rẹ̀ bá wà níbi tí ọjà àti èlé ti ń bára wọn dọ́gba, gbogbo mílíọ̀nù 60 yẹn ló gbọ́dọ̀ ní lónìí kó tó lè sọ pé òun ti kóòsìtì. Èmi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí mo fẹ́ràn fi ju ìdá 3 kà á, mo sì máa ń ní kí wọ́n má kó gbogbo rẹ̀ sínú èlé náírà nìkan. Kí apá kan wà nínú ìpín iléeṣẹ́ tàbí fọ́ǹdì dọ́là.

Ohun kan tún wà nínú ìwé pupa yẹn tó bà mí nínú jẹ́. Lára mílíọ̀nù 12 tó wà níta, ó fi apá kan ra bọ́ǹdù ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀, FGN Savings Bond, èyí téèyàn lè fi 5,000 náírà bẹ̀rẹ̀, tó ń lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Bọ́ǹdù tó dára ni. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń san èlé rẹ̀ sínú àkáùntì báńkì, wọn kì í fi kún owó náà. Álẹ́ẹ̀tì á dún, àbúrò mi á sì fi í san owó ẹ̀kọ́ lẹ́sìn-ìn tàbí kó fi ra epo jẹnẹrétọ̀. Ó rò pé owó náà ń dàgbà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, iye tó fi sí i gan-an ló padà wá bá a, ọjà sì ti sá lọ. Èlé tí a bá jẹ kì í bímọ. Ẹni tó bá fẹ́ lo bọ́ǹdù yìí gbọ́dọ̀ máa dá èlé rẹ̀ padà sí ibi tí yóò ti tún mú èlé wá, bí fọ́ǹdì owó kúkúrú, lọ́jọ́ tó bá wọlé gan-an.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ tí iṣẹ́ kékeré kò bá tó o ná?

Ibí yìí ni ọ̀nà méjèèjì ti ń dàrú mọ́ra. Àbúrò mi ti ń bá àwọn oníṣòwò kan ṣe ìwé owó wọn ní ìrọ̀lẹ́: ilé oògùn kan ní Mọ́kọ́lá, oníkẹ́míkà oko kan ní Dùgbẹ̀, àti ẹni kan tó ń ṣe búrẹ́dì. Olúkúlùkù ń fún un ní 70,000 lóṣù. 210,000 nìyẹn fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìnáwó tirẹ̀ lónìí, pẹ̀lú owó ìlera tí yóò máa san fúnra rẹ̀, jẹ́ 250,000. Ó ku 40,000.

Ó ní, "Àbí 40,000 kí ni? Ṣebí mo lè máa yọ ọ́ lára owó yẹn."

A ṣe ìṣirò rẹ̀. Mílíọ̀nù 28 tí kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn, tó ń fi ìdá 3 dàgbà, yóò di nǹkan bíi mílíọ̀nù 50.6 lówó òní nígbà tó bá pé ọgọ́ta ọdún. Lọ́nà tí a fi ń kà á, ìyẹn lè fún un ní nǹkan bí 168,000 lóṣù. Tó bá ń yọ 40,000 lóṣooṣù fún ogún ọdún, ohun tó máa kù jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 37.7, ìyẹn nǹkan bí 125,000 lóṣù. 40,000 òní ló gba 43,000 lọ́wọ́ ìyá àgbà tó máa dà, lóṣooṣù títí ayé rẹ̀. Ó dákẹ́. Ó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sábẹ́ 125,000 náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó bá fẹ́ yọ 40,000 lóṣù láìdí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ní láti ní owó mìíràn lọ́tọ̀ fún un. 40,000 lọ́nà 12 lọ́nà 25 jẹ́ mílíọ̀nù 12. Mílíọ̀nù 12 yìí kò sí lára 33.2. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó kóòsìtì àti ẹni tó ń jẹ ẹ̀yìn owó nìyẹn, iye tó dájú ni.

Ó tún yẹ kó mọ ohun tó ń fi sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Òfin pẹ́ńṣọ̀n ọdún 2014 ní kí ìdá 18 owó oṣù máa lọ sí àkáùntì pẹ́ńṣọ̀n òṣìṣẹ́, ìdá 10 láti ọwọ́ agbanisíṣẹ́ àti 8 láti ọwọ́ òun fúnra rẹ̀. 300,000 lára owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń ka tirẹ̀, nítorí náà 30,000 ni agbanisíṣẹ́ ń fi kún un lóṣù. Òfin kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ ṣe ìdánilójú ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, èyí tí ẹbí rẹ̀ máa gbà tó bá kú, kí iye rẹ̀ má dín sí owó ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ tó bá jáde, méjèèjì ti lọ. Ó ní ọmọ méjì, nítorí náà mo ní kó ra ìdánilójú ẹ̀mí tirẹ̀ kó tó kọ ìwé kankan.

Ṣé owó pẹ́ńṣọ̀n ṣeé kà mọ́ ọn?

Ó ṣeé kà, mo tiẹ̀ rò pé òun ló dára jù láti kà, torí pé wọ́n ti tì í pa. Kéèyàn tó pé àádọ́ta ọdún, kò rọrùn láti fọwọ́ kàn án. Àmọ́ ilẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀: ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí kò rí òmíràn fún oṣù mẹ́rin, lè gba tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Mílíọ̀nù 4 ni tirẹ̀ yóò jẹ́, mílíọ̀nù 4 yìí sì ni ìbá di mílíọ̀nù 7.2 lówó òní nígbà tó bá pé ọgọ́ta.

Ohun mìíràn tí àwọn èèyàn kì í rò ni ọjọ́ orí. Láti ọdún 2018 ni PenCom, àjọ tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ti pín owó sí fọ́ǹdì ní ìbámu pẹ̀lú ọjọ́ orí. Ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta wà ní Fọ́ǹdì Kejì àyàfi tó bá yàn láti lọ sí Èkíní, níbi tí owó ìpín ti pọ̀ jù. Tó bá ti pé àádọ́ta, Fọ́ǹdì Kẹta ló ń bọ́ sí, ibi tí owó ìpín ti kéré, tí bọ́ǹdù pọ̀. Èyí máa ń dín ewu kù, ó sì lè dín ìdàgbà kù pẹ̀lú. Ọdún mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn ìrìnàjò náà lè lọ́ra ju mẹ́wàá àkọ́kọ́ lọ, ìdí mìíràn nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kéèyàn fi ìdá 5 kà á.

Ilẹ̀ tó rà sí Mọ́níyà kò sí nínú ìṣirò wa. Èèyàn kì í gé igun ilẹ̀ ta láti fi ra oògùn.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé ọkọ̀ ti fẹ́ dúró?

Ní oṣù Kìíní ọdọọdún, kó tún ìṣirò náà ṣe pẹ̀lú owó ọjà tuntun. Kó má wo iye tó wà nínú àkáùntì nìkan. Ẹ jẹ́ ká ní owó àbúrò mi fi ìdá 17 pọ̀ sí i lọ́dún kan, tó di mílíọ̀nù 32.8, tí ọjà sì fi ìdá 25 wọ́n. 200,000 rẹ̀ ti di 250,000 nìyẹn, mílíọ̀nù 60 ti di 75. Ọdún mọ́kàndínlógún ló kù, nítorí náà iye tó yẹ kó ní ti di nǹkan bíi mílíọ̀nù 42.8. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mílíọ̀nù 5.2 ló kù ún kù. Lẹ́yìn ọdún kan tí owó rẹ̀ pọ̀ sí i, mílíọ̀nù 10 ló kù ún kù. Àkáùntì kò ní sọ èyí fún un. Ìwé pupa ló máa sọ ọ́.

Tí irú ọdún bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ léra méjì, kó padà máa tọ́jú owó, tàbí kó sún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì síwájú. Sísún un síwájú lágbára ju bí èèyàn ṣe rò lọ: tí àbúrò mi bá gbà láti fẹ̀yìntì ní ọmọ ọdún 66 dípò 60, mílíọ̀nù 27.8 ló nílò lónìí, mílíọ̀nù 28 rẹ̀ sì ti tó.

Kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní eékún òun kò ní gbà á dé 66. A wá wo ọ̀nà mìíràn: èló ni kó máa fi kún un lóṣù kó lè dé mílíọ̀nù 60 ní ọgọ́ta ọdún? Nǹkan bí 29,000 lówó òní ni, tí yóò máa gbé e sókè bí ọjà bá ṣe ń wọ́n. Fi í kún 250,000 tó ń ná, ó di 279,000. Oníbàárà mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń san 70,000 ń mú 280,000 wá.

Mẹ́ta ló ní. Ó kọ "4" gàdàgbà sí ẹ̀yìn ìwé náà, ó wá mu omi rẹ̀. Kò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé obìnrin kan tó ń ta ohun èlò ilé kíkọ́ ní Ìwó Róòdù ní kí òun wá wo ìwé owó òun, pé rìsíìtì rẹ̀ ti ọdún méjì ló wà nínú páálí, kò sí ẹni tó tíì tò ó.